Filanẹ́ẹ̀lì lórí ọwọ́ ìyá mi: ìlà tó ń padà wá yìí ti sú mi

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kíláàsì ewì tí mò ń lọ ní ká kọ filanẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ewì onílà mọ́kàndínlógún tí ìlà méjì máa ń padà wá nínú ẹ̀, èdè tó bá wù wá, àmọ́ òfin ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, Ọjọ́bọ̀ la máa fi sílẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi ni mo fẹ́ kọ ọ́ lé lórí, aláró ni wọ́n l'Abẹ́òkúta. Ìlà méjì tí yóò máa padà wá tí mo mú rèé: "Ọwọ́ ìyá mi dúdú nítorí aró" àti "mo jókòó ti ìkòkò rẹ̀, mo ń ṣọ́". Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì, àmọ́ tí ìlà yẹn bá ti dé lẹ́ẹ̀kẹta ṣe ló ń dà bí ẹni tó ń ro ẹjọ́ kan náà fún adájọ́ tó ti gbọ́ ọ. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ ni àbí irú ewì yìí ò bá Yorùbá mu?

---

Kúnlé Rápà

Ó bá Yorùbá mu jàre, ó tiẹ̀ rọrùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ! Àwọn ń wá ọ̀rọ̀ tó dún jọra kiri, tiwa gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fi fáwẹ̀lì parí, o kàn máa to wọ́n ni. "Aró" àti "ṣọ́" tó o mú yẹn ti wọlé síra wọn tán, má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ohun tó o máa ṣọ́ ni sílébù, mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́, òfin ni. Èmi ka tìẹ, "Ọwọ́ ìyá mi dúdú nítorí aró" ti lé ní mẹ́wàá. Gé e kúrú, gbogbo ẹ̀ á dáa.

---

Màmá Ìtokú

Ọmọ mi, aró lọ́wọ́ kì í ṣe àìsàn, má jẹ́ kó sú ọ. Ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ni kí ìyá ẹ máa lò, tó bá di ọjọ́ mélòó kan á ṣí lára awọ. Èyí tó bá wọ abẹ́ èékánná ni kì í gbọ́ tọṣẹ, àfi kí èékánná hù jáde kí wọ́n gé e. Kí wọ́n má fi kẹrosíìnì fọwọ́ o, ó máa ń bó èèyàn ni.

---

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró

Ẹ ṣé mà, àmọ́ kì í ṣe bí aró ṣe máa ṣí ni mò ń bèèrè, ewì ni mà 😂. Kódà mi ò fẹ́ kó ṣí.

---

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Àdùkẹ́, mo rí ìbéèrè rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti Kúnlé sẹ́yìn díẹ̀, torí ìdajì ohun tó sọ lòótọ́, ìdajì tó kù ló máa ṣì ọ́ lọ́nà.

Òótọ́ ni pé fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wa, àmọ́ ohun tó sọ ọ́ di ìṣòro gan-an nìyẹn. Ohun tó bá wà níbi gbogbo, etí kì í gbọ́ ọ mọ́. Tó o bá fi "aró" parí ìlà kan, tó o fi "ṣọ́" parí èkejì, "o" àti "ọ" ò jọra, ojú ló tàn ọ́ kì í ṣe etí. Pè é síta. Tó o bá sì fi "ọkọ" dáhùn "ọkọ̀", fáwẹ̀lì kan náà ni, àmọ́ ohùn ti yà wọ́n. Nínú èdè tiwa ohùn ni ìró, òun ni kó o fi di ìlà mú. Òfin tí mo máa ń fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ ni pé kí fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn bára mu, kí ohùn sílébù méjì tó gbẹ̀yìn náà bára mu. "Mo ń ṣọ́", òkè òkè ló fi parí. Wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó fi òkè òkè parí lórí "ọ́": lọ́wọ́, lọ́jọ́, ń gbọ́, ń kọ́, ń wọ́. Ṣé o rí i pé wọn ò pọ̀ bí Kúnlé ṣe rò, wọn ò sì ṣọ̀wọ́n jù.

Ti sílébù mẹ́wàá, àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ tó ń lò ó, kì í ṣe òfin. Ewì Faransé ti Jean Passerat tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1606, èyí tí àwọn tó tẹ̀ lé e wò ṣe àwòkọ, sílébù 7 péré ni ìlà rẹ̀. Ohun tó jẹ́ òfin ni ìlà 19, ẹsẹ onílà mẹ́ta mẹ́ta 5 àti onílà mẹ́rin 1 tó kádìí rẹ̀. Ìlà kìíní padà wá ní ìlà 6, 12 àti 18. Ìlà kẹta padà wá ní 9, 15 àti 19. Ìlà àárín gbogbo ẹsẹ ń dún bákan náà láti òkè délẹ̀. Bó o bá ṣírò rẹ̀ ìlà 13 péré lo máa kọ, iyókù ti kọ ara wọn.

Èyí ló mú mi dé ibi tó ń dùn ọ́. "Ọwọ́ ìyá mi dúdú nítorí aró", o ti bèèrè, o ti dáhùn, nínú ìlà kan. "Nítorí" yẹn ló pa á. Ìlà tó ti ṣàlàyé ara rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, kí ló fẹ́ wá ṣe lẹ́ẹ̀kejì? Fi ọwọ́ bo ìlà náà níbi tó ti padà wá kó o ka ẹsẹ yẹn láìsí i. Bí ohunkóhun ò bá dín, a jẹ́ pé ìlà náà jókòó lásán ni.

---

Dèjì Télọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i o. Èmi náà kọ nípa ọwọ́ ìyá mi nígbà tí wọ́n kú, télọ̀ ni wọ́n, ìka ìlábẹ̀ wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí síṣọ́ọ̀sì. Kì í ṣe filanẹ́ẹ̀lì, ewì lásán ni, ìlà kan ṣoṣo ló ń padà wá. Ọjọ́ ìsìnkú tí mo kà á, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì sọ ìlà yẹn tí gbogbo èèyàn fi gbà á lẹ́nu mi, tí wọ́n ń gbe é, ẹnì kan tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ sí i. Nítorí náà èmi ò gbà pé àtúnsọ máa ń sú Yorùbá. Àwa la ni ègbè! Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ń fi gírámà dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Jẹ́ kí ìlà ẹ wà bẹ́ẹ̀ Àdùkẹ́, kà á síta, wàá rí i.

---

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Dèjì, o ò purọ́, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ ègbè ni o kọ. Ègbè, agbo ló ni ín, wọ́n mọ ibi tó máa dé sí kí lílé tó parí, adùn rẹ̀ nìyẹn. Filanẹ́ẹ̀lì kò ní lílé tó gùn. Ìlà méjì tuntun péré lo máa sọ kí ọ̀kan tún dé, ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́la, agbo ò sì ní mọ èyí tó kàn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ní ẹsẹ kẹta ìdajì wọn gbe ìlà kìíní, ìdajì gbe ìlà kẹta, ni rúdurùdu bá dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ filanẹ́ẹ̀lì, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

---

Dèjì Télọ̀

Ìyẹn yé mi, àmọ́ mi ò tíì gbà tán. Tí agbo ò bá lè gbe é, ta la wá ń kéwì fún?

---

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró

Tíṣà ẹ ṣé gan-an sà. Mo fọwọ́ bò ó bí ẹ ṣe wí, òótọ́ ni, kò sóhun tó dín. Ìlà kejì tó ń padà wá ńkọ́ sà? Òun ò ní "nítorí" kankan, síbẹ̀ mo há sí ìlà 15. Ẹsẹ karùn-ún ni mo fẹ́ fi sọ ti ìgbà tí ara wọn ò yá, tí mo sùn tì wọ́n ní ọsibítù, ṣe ni "mo jókòó ti ìkòkò rẹ̀" tún wá já lu èèyàn níbẹ̀. Ìkòkò wo ní ọsibítù? Mo rò pé kí n sọ ọ́ di "mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀". Ṣé wọ́n gbà á láyè?

---

Kúnlé Rápà

Wọ́n gbà á jàre! Mo rí i kà pé obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ṣe é, ó yí ìlà ẹ̀ bó ṣe wù ú, ó sì lórúkọ.

---

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Elizabeth Bishop ni, lọ́dún 1976. Òótọ́ ni pé ó ń yí ìlà kẹta padà, ọ̀rọ̀ tó parí ìlà nìkan ni kò jẹ́ kó sọnù. Àmọ́ kò fọwọ́ kan ìlà kìíní àfi ìgbà tó dé ìparí, ibẹ̀ ló ti yí i díẹ̀. Àdùkẹ́ ní iṣẹ́ tí wọ́n fún òun, òfin rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn kó lọ máa bá tíṣà rẹ̀ jà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ó sì tún ní ọ̀nà kan tí Yorùbá ní tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní. Àdùkẹ́, yọ ìkòkò kúrò nínú ìlà yẹn pátápátá. Kọ "mo jókòó tì í, mo ń ṣọ́". "Í" yẹn, kì í ṣe ọkùnrin, kì í ṣe obìnrin, kì í ṣe èèyàn, kì í ṣe nǹkan. Ìlà tó bá ṣáájú rẹ̀ ló máa sọ ohun tó jẹ́. Bí o bá dárúkọ ìkòkò ní ìlà kejì, ìkòkò lo jókòó tì. Bó o bá dárúkọ aṣọ, aṣọ ni. Tó o bá dé ọsibítù, ìyá rẹ ni, o ò sì yí lẹ́tà kan padà. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlà kìíní náà. Yọ "ìyá mi" kúrò, kí a má mọ ọwọ́ ta ni.

Kó o tó kọ ohunkóhun mìíràn, kọ ìlà 18 àti 19 sórí ìwé, méjèèjì nìkan, kó o kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ibẹ̀ ni ewì náà ń lọ. Tí wọn ò bá ní ohun tí wọ́n jọ ń sọ níbẹ̀, gbogbo òkè yẹn asán ni.

---

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró

Sà!! Ọkàn mi fò. Mo ti wà nídìí ẹ̀ láti àná. "Aró kò tíì tán lọ́wọ́." Ẹ wò ó, òkè òkè, "ọ́". Ó lè jẹ́ pé kò tíì ṣí lára awọ, ó sì lè jẹ́ pé aró ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n máa rẹ aṣọ sí, bí èèyàn ṣe ń sọ pé owó tán lọ́wọ́ òun. Mo kọ ọ́ tán ní aago méjì òru. Ẹ bá mi là á:

Aró kò tíì tán lọ́wọ́.
Ìkòkò rẹ̀ ń hó ní ilẹ̀;
mo jókòó tì í, mo ń ṣọ́.

Láàárọ̀, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́;
mo pè é jẹun, kò gbé ẹsẹ̀:
"Aró kò tíì tán lọ́wọ́."

Ìyẹ́ ló fi ń ya ẹyẹ. Mo ń kọ́.
Láfún gbẹ sára aṣọ bí ẹrẹ̀;
mo jókòó tì í, mo ń ṣọ́.

Owó iléèwé mi pé lọ́jọ́
kan: ó tú etí ìró, ó wà ní ibẹ̀.
Aró kò tíì tán lọ́wọ́.

Lónìí, èémí rẹ̀ ló ń wọ́,
síbẹ̀ ó ní, "Ṣé o ti wẹ̀?"
Mo jókòó tì í, mo ń ṣọ́.

Mo bu omi, ọṣẹ ń yọ́;
mo fọ apá, mo fọ ẹsẹ̀.
Aró kò tíì tán lọ́wọ́.
Mo jókòó tì í, mo ń ṣọ́.

---

Kúnlé Rápà

Háà. "Lọ́jọ́ / kan" tó o gé sí méjì yẹn, èmi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ ní Yorùbá. Ẹsẹ owó yẹn ló pa mí, torí pé owó náà ni mo rí tó ní aró lára. O ò tiẹ̀ sọ ọ́.

Àmọ́ mo mú ẹ! "Ẹsẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì, ìlà 5 àti ìlà 17. Ọ̀rọ̀ kan náà ò lè bá ara ẹ̀ dún jọra, olè ni.

---

Dèjì Télọ̀

Èmi ò rí i bí olè. Ní òkè ẹsẹ̀ yẹn kọ̀ láti kúrò nídìí iṣẹ́, nísàlẹ̀ kò lè gbé ara ẹ̀ mọ́, wọ́n ń bá a fọ̀ ọ́. Mo máa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni "mo ń ṣọ́" tó kàn dá dúró. Ṣọ́ kí ni? Ní ilé wa "mo ń ṣọ́ ọ" la máa ń sọ. Bó ṣe wà yìí ó dà bíi pé ẹnì kan já ìrù ọ̀rọ̀ náà jẹ.

---

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Dèjì mú mi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn fẹ́ràn kí nǹkan tẹ̀ lé e, ó máa ta gbogbo etí tó bá mọ èdè. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́ di "ṣọ́ ọ", ohùn àárín ló máa fi parí, gbogbo ohun tó fi lọ́wọ́ àti ń gbọ́ so á tú. Àdùkẹ́, ìwọ ni kó o pinnu èyí tó o fẹ́ jẹ gbèsè rẹ̀. Tèmi ni pé "tì í" tó ti ṣáájú ti gbé ẹrù náà fún méjèèjì, mo lè fara dà á.

Ẹsẹ kejì ló dùn mọ́ mi jù. Ìlà náà kúrò lẹ́nu rẹ, ó bọ́ sẹ́nu wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì di "iṣẹ́ ò tíì parí, má dà mí láàmú". Àmì ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lo fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni àyè tó o ní pọ̀ tó láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan: kọ́mà, àmì ìdánudúró, ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohun tó ṣáájú.

Ẹsẹ kẹta ló rọ jù lójú mi. Láfún gbígbẹ ò nílò ẹni tó ń ṣọ́ ọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

---

Màmá Ìtokú

Bẹ́ẹ̀ kọ́ o, Tíṣà. Ó nílò ẹ̀. Tó o bá sá aṣọ ẹlẹ́kọ, ewúrẹ́ á wá lá a, òjò á wá, ọmọdé á tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ti lọ nìyẹn. Ọmọ ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ ọ, èmi náà ṣọ́ ọ ní kékeré, oorun ni mo sùn, ẹgba ni mo fi jí. Ẹsẹ yẹn ò ní àléébù.

Ìkòkò tó ń hó ńkọ́, mo ti ń retí kí ẹnì kan bèèrè iná, torí a kì í dáná sábẹ́ ìkòkò aró. Omi eérú àti elú ló ń bá ara wọn jà nínú ẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, á máa yọ ìhó lójú, á máa rùn, ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ó ti jinná. Nítorí náà hó tó kọ dáa, hó bí ọṣẹ ni, kì í ṣe bí omi ẹ̀kọ. Tẹ́ ẹ bá sì ti aṣọ bọ inú ẹ̀, kì í jáde ní dúdú o, bí ewé tútù ló máa ń jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín.

Àmọ́ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn mi. Ẹsẹ ìkẹyìn yẹn. Ìyá ẹ ṣì wà láàyè, o ti sọ fún wa pé kí wọ́n má fọ aró kúrò lọ́wọ́ wọn. Kí ló dé tó o fi ń wẹ òkú wọn? Ẹnu ẹni la fi ń kọ méèwọ̀.

---

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró

Mà, kì í ṣe òkú o! Ọdún tó kọjá tí wọ́n wà ní ọsibítù, èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n láràárọ̀ torí wọn ò lè dìde, ara wọn ti yá, wọ́n wà nílé. Ohun tí mo rí gan-an nìyẹn, ọṣẹ ń yọ́ tán, aró abẹ́ èékánná ò lọ síbì kankan.

---

Màmá Ìtokú

Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kà á ò mọ̀ ọ́n. Omi, ọṣẹ, apá, ẹsẹ̀, kò fọhùn mọ́, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

---

Dèjì Télọ̀

Èmi náà kà á bí òkú o, mo tiẹ̀ ti fẹ́ ki ẹ́ kú ara fẹ́ra kù.

---

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Mo rí méjèèjì, mo sì rò pé àìmọ̀ yẹn wà lára ohun tó gbé e dúró. Àmọ́ mi ò ní bá Màmá jiyàn lórí ti méèwọ̀, wọ́n ní ẹ̀tọ́. Bó o bá fẹ́ kó hàn pé wọ́n wà láàyè, ìlà 17 nìkan lo ní àyè láti fi ṣe é. Fi ohun kan síbẹ̀ tí òkú kì í ṣe, kó sì fi àárín àti ìsàlẹ̀ parí lórí "ẹ̀". "Ó rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀". Ó máa yanjú ọ̀rọ̀ Màmá. Kúnlé á ṣì máa pariwo olè.

---

Kúnlé Rápà

Olè ni!

---

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró

Mo ti fi sílẹ̀ lánàá o. "Mo fọ apá, ó na ẹsẹ̀" ni mo fi sí ìlà 17 nígbẹ̀yìn, mi ò tíì mọ̀ bóyá mo gba èèyàn là ni àbí mo ba ewì jẹ́. "Ṣọ́" wà bó ṣe wà.

Mo pe màmá lórí fóònù mo kà á fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ àwọn ò sọ "aró kò tíì tán lọ́wọ́" rí láyé àwọn, tí mo bá pe àwọn wá jẹun ohun tí àwọn máa ń sọ ni "gbé e sílẹ̀ kó o bò ó", kí n lọ tún un ṣe. Mo ní màmá, tí mo bá tún un ṣe níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe níbi mẹ́rin. Wọ́n ní ìyẹn ò kan àwọn.